Lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn òbí: ọkọ̀ wo ni kí á yàn fún àwọn ọmọ wa?

 

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà láti kí ará ilé. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà láti bèèrè nǹkan. Lónìí, irú lẹ́tà mìíràn ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Lẹ́tà ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí ó lọ wo ohun méjì, kí ó padà wá sọ èyí tí ó dára jù, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Abúlé kan wà ní agbègbè Kétu. A kò dárúkọ rẹ̀, nítorí a ṣe é fún ẹ̀kọ́ yìí ni. Ọmọ 30 láti abúlé náà ni ó ń lọ sí kólẹ́jì tí ó wà ní kìlómítà 7. Wọ́n á rìn ní ọ̀nà ilẹ̀ pupa títí wọn ó fi dé títì ọlọ́dà tí ó ti Kétu lọ sí Pobẹ̀. Òdìkejì títì náà ni kólẹ́jì wà, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sáré níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn ọmọ kan ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn mìíràn ń gun alùpùpù, ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn awakọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹgbẹ́ àwọn òbí wá pinnu pé kí wọ́n wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn ọmọ. Ọlọ́kọ̀ méjì ni ó wá. Èkíní ní òun yóò gba 4.500 fàránkì lórí ọmọ kan lóṣù. Èkejì ní 6.000 fàránkì ni tòun. Nínú ìpàdé, ariwo sọ. Ọ̀pọ̀ ní kí wọ́n mú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Àwọn díẹ̀ ní rárá. Ni alága bá yan ènìyàn mẹ́ta: ìyá kan tí ń ta gàrí, ọkùnrin kan tí ń tún ọkọ̀ ṣe, àti àgbẹ̀ kan tí ó mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Ó ní: "Ẹ lọ wo àwọn méjèèjì fínnífínní. Ẹ kọ̀wé wá, kí a lè mọ èyí tí a ó mú."

Kí ni àwọn mẹ́ta yìí yóò ṣe kí wọ́n tó mú bírò?

Ìbéèrè kan náà fún ẹni méjèèjì

Wọ́n mú ìwé kan, wọ́n fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ọ̀tún jẹ́ ti ọlọ́kọ̀ kìíní, òsì jẹ́ ti ọlọ́kọ̀ kejì. Ìbéèrè tí wọ́n bi ọ̀kan ni wọ́n bi èkejì. Bí a bá bi ọ̀kan nípa táyà, tí a bi èkejì nípa owó nìkan, a kò fi wọ́n wé ara wọn rárá.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pín ìbéèrè wọn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni ti ààbò àwọn ọmọ. Ọ̀nà kejì ni ti owó. Wọ́n fi ti ààbò ṣáájú, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí a kì í fi owó dúnàá-dúrà lé lórí. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, bí wọ́n bá gbé e fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, a kò ní kó ọmọ sínú rẹ̀. Nítorí náà, ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ti ààbò, kí á tó máa ka owó.

Ìjókòó

Ẹ má ṣe bi ọlọ́kọ̀ pé ọmọ mélòó ni ọkọ̀ rẹ̀ gbà. Yóò ní ó gba gbogbo wọn. Ẹ wọ inú ọkọ̀ náà, kí ẹ fi ọwọ́ ka ìjókòó ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn mẹ́ta náà kà á. Ìjókòó 18 ni ó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìka ti awakọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí yóò máa lọ jẹ́ 30. Ọlọ́kọ̀ kìíní ní òun yóò kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni pé ọmọ 12 kò ní ní ìjókòó. Wọn yóò dúró, tàbí kí wọ́n jókòó sí itan ara wọn. Ọlọ́kọ̀ kejì ní òun yóò lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọmọ 15 ní ìrìn kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ewu ọmọ tí kò ní ìjókòó? Bí ewúrẹ́ bá sáré kọjá níwájú ọkọ̀, awakọ̀ á tẹ bíréèkì lójijì. Ọkọ̀ á dúró, ṣùgbọ́n ara ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní dúró. Ara á ṣì máa bá eré tí ọkọ̀ ń sá tẹ́lẹ̀ lọ síwájú. Ọmọ tí ó jókòó dáadáa á bá ìjókòó tí ó wà níwájú rẹ̀ pàdé nítòsí. Ọmọ tí ó dúró á fò lọ títí yóò fi kan irin tàbí gíláàsì. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù kì í tètè dúró, ó sì máa ń fì ní kọ́nà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. A máa ń kọ iye ìjókòó ọkọ̀ sínú ìwé rẹ̀. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí èrò sì pọ̀ ju iye yẹn lọ, ilé iṣẹ́ asíráǹsì lè rí ohun tí yóò fi bá wa jiyàn.

Táyà

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta yìí lára rọ́bà rẹ̀: DOT. Ẹ tẹ̀lé ìlà náà dé ìparí rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà. Nọ́ńbà méjì tí ó kẹ́yìn ni ọdún rẹ̀. Bí ẹ bá rí 4022, ọ̀sẹ̀ 40 nínú ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ táyà tí ó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀ ni nọ́ńbà náà wà. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó níbẹ̀.

Kí ni ìdí tí a fi ń wá ọjọ́ orí táyà? Oòrùn àti ọjọ́ orí máa ń mú kí rọ́bà le, kí ó sì sán. Ọ̀pọ̀ táyà tí à ń tà ní ọjà wa jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rí ní ìlú òkèèrè. Ó lè jinlẹ̀ lójú, kí ó dúdú bí tuntun, kí ó sì ti gbó nínú. Táyà tí ó bá ti lé ní ọdún 10, kò yẹ kí ó gbé ọmọ mọ́.

Ẹ tún wo ojú rẹ̀ tí ń kan ilẹ̀. Nínú àwọn ihò gígùn rẹ̀, ẹ ó rí àwọn òkè kékeré tí wọ́n dábùú. Àmì ni wọ́n fi ṣe. Bí ojú táyà bá ti jẹ títí tí ó fi dọ́gba pẹ̀lú àmì yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Inú àwọn ihò yẹn ni omi òjò máa ń gbà kọjá lábẹ́ táyà. Bí kò bá sí ihò mọ́, omi á gbé táyà sókè lórí ọ̀dà, awakọ̀ á yí ọwọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ kò ní dá a lóhùn.

Lára ọkọ̀ kìíní, wọ́n rí 1611 lára táyà méjì tí ó wà lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ 16 ọdún 2011 nìyẹn. Lára ọkọ̀ kejì, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin parí sí 22 tàbí 23, ojú wọn sì ṣì jinlẹ̀.

Ní ti bíréèkì, ọkùnrin tí ń tún ọkọ̀ ṣe wọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí kò sí ènìyàn. Ó ní kí awakọ̀ rọra sáré, kí ó sì tẹ bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ń rì lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí bíréèkì, tàbí bí irin bá ń ha irin, nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ kìíní fà sí ọwọ́ òsì. Ọkọ̀ kejì dúró ṣánṣán.

Ibi tí ọmọ ti ń sọ̀ kalẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí ọmọ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ewu ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó sọ̀ kalẹ̀ á fẹ́ sáré gba iwájú ọkọ̀ kọjá títì. Bí ó bá sún mọ́ ọkọ̀ jù, awakọ̀ tí ó jókòó lókè kò lè rí i. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń bọ̀ kò sì lè rí i, nítorí bọ́ọ̀sì ti bò ó. Bákan náà ni ẹ̀yìn ọkọ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ bèèrè pé: ta ni yóò bá àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀? Ọlọ́kọ̀ kìíní ní òun nìkan ni òun ń wa ọkọ̀ òun. Ọlọ́kọ̀ kejì ní àgbàlagbà obìnrin kan tí ń bá òun rìn. Òun ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, tí ó ń ka àwọn ọmọ, tí ó ń kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n á dúró títí bọ́ọ̀sì yóò fi lọ, kí ojú lè là síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà náà ni yóò kó gbogbo wọn kọjá pọ̀. Bí ó bá sì ti kó wọn kọjá tán, bọ́ọ̀sì á ti dúró dè é ní iwájú.

Ìwé ọkọ̀

Ìwé mẹ́ta ni kí ẹ bèèrè: ìwé asíráǹsì, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí a ń pè ní pẹ́mì. Ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ bá ju 9 lọ, pẹ́mì tí ó ní àmì D ni awakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní. Ẹ má kan wo bébà náà kí ẹ sì dá a padà. Ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó wà nínú ìwé, kí ẹ lọ fi wé nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ wá ka ọjọ́ tí ìwé náà yóò parí.

Ohun tí ẹnu sọ, ohun tí ojú rí

Àwọn mẹ́ta náà kò dúró lórí ohun tí wọ́n gbọ́ nìkan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n lọ dúró ní ibi tí ọlọ́kọ̀ kìíní ti ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn. Wọ́n ka ọmọ 27 bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ìjókòó 18. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ wo ọlọ́kọ̀ kejì bákan náà. Ọmọ 16 ni wọ́n kà, obìnrin náà sì wà pẹ̀lú wọn. Ohun tí ọlọ́kọ̀ ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn, òun náà ni yóò ṣe fún ọmọ tiwa.

Owó

Ó wá kan owó. Ní ìpàdé, 4.500 àti 6.000 ni gbogbo ènìyàn ń pè. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.500 lóṣù, ó sì pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n a kì í fi owó oṣù kan wé owó oṣù kan, bí iye oṣù kò bá dọ́gba. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di owó ọdún kan fún ọmọ kan.

Ọlọ́kọ̀ kìíní ń gba owó oṣù 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù 9 ni àwọn ọmọ yóò fi lọ sí ilé ìwé. 4.500 lọ́nà 10 jẹ́ 45.000. Ó tún ń gba 2.000 fún ìforúkọsílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 47.000.

Ó kù síbẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́, kò ní òmíràn, kò sì ń dá owó padà. Wọ́n bi òbí méjì ní ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn méjèèjì ní ọjọ́ 12 ni ọkọ̀ náà kò wá ní ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, alùpùpù ni ọmọ yóò gùn, 500 fàránkì ni àlọ àti àbọ̀. 500 lọ́nà 12 jẹ́ 6.000. Bí a bá fi kún 47.000, ó di 53.000 fàránkì.

Ọlọ́kọ̀ kejì ń gba owó oṣù 9 péré, kò sí owó ìforúkọsílẹ̀, owó obìnrin tí ń ka ọmọ sì wà nínú rẹ̀. 6.000 lọ́nà 9 jẹ́ 54.000 fàránkì.

Ẹ wò ó. Ìyàtọ̀ tí a rò pé ó jẹ́ 1.500 lóṣù ti di 1.000 fàránkì lọ́dún. Bí ọkọ̀ kìíní kò bá bàjẹ́ rárá ní gbogbo ọdún, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ 7.000. Kò ní kọjá ìyẹn. Ẹni tí ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó fi apá kan pamọ́.

Wọ́n tún bi ọlọ́kọ̀ kìíní pé: "Bí a bá ní kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo ọmọ lè jókòó, èló ni?" Ó ní yóò di 6.500 lóṣù. Ibẹ̀ ni ojútùú ọ̀rọ̀ wà. Epo ìrìn kan ṣoṣo ni ó fi ń ná owó rẹ̀ wálẹ̀. Ìjókòó ọmọ 12 ni wọ́n yọ kúrò kí owó náà tó lè kéré bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà náà

Nígbà tí wọ́n ti rí gbogbo èyí, wọ́n kọ lẹ́tà. Ẹ kà á sókè jẹ́ẹ́jẹ́.

Oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025

Sí alága àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀: Ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn ọmọ lọ sí kólẹ́jì

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa,

A kí yín o. Ẹ rán wa pé kí a wo ọlọ́kọ̀ méjì tí ó wá sí ọ̀dọ̀ yín. A ti wò wọ́n. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ mú ọlọ́kọ̀ kejì, bí ó bá gba àwọn ohun mẹ́rin tí a kọ sí ìsàlẹ̀.

Ohun tí a fi ojú ara wa rí nìyí. Ọkọ̀ méjèèjì ní ìjókòó 18. Ọlọ́kọ̀ kìíní fẹ́ kó ọmọ 30 lẹ́ẹ̀kan. A ka ọmọ 27 nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Táyà rẹ̀ méjì jẹ́ ti ọdún 2011. Bíréèkì rẹ̀ ń fà sí òsì. Ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ rẹ̀ ti parí láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Kò sí ẹni tí ń bá àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kejì ń kó ọmọ níwọ̀n ìjókòó. Táyà àti bíréèkì rẹ̀ dára. Ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Obìnrin kan ń ka àwọn ọmọ, ó sì ń kó wọn kọjá títì.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa, tí a kò tíì rí, nìyí. Ọlọ́kọ̀ kejì ní bí ọkọ̀ òun bá bàjẹ́, àbúrò òun yóò gbé tirẹ̀ wá ní ọjọ́ kejì. A kò tíì rí ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ náà.

Ní ti owó, ọmọ kan yóò san 47.000 fàránkì fún ọlọ́kọ̀ kìíní lọ́dún. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá tún kùnà ní ọjọ́ 12 bíi ti èṣí, owó alùpùpù yóò sọ ọ́ di 53.000. Ọmọ kan yóò san 54.000 fún ọlọ́kọ̀ kejì. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ láti 1.000 dé 7.000 fàránkì lọ́dún. Bí ọlọ́kọ̀ kìíní bá ní láti lọ lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo ọmọ lè jókòó, owó tirẹ̀ ni yóò ga jù.

Àléébù wà lára ọlọ́kọ̀ kejì náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣeé ṣí láti inú. Bákan náà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò lọ, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ yóò dé kólẹ́jì ní aago 7 ku ìṣẹ́jú 10, aago 8 sì ni wọ́n ń wọ kíláàsì. A ti rí ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní ọlọ́dẹ máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà láti aago 6 ààbọ̀.

Nítorí náà, kí ó gba ohun mẹ́rin wọ̀nyí sínú ìwé àdéhùn:

1. Kí ó tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe kí ó tó gbé ọmọ kankan.

2. Kí ọmọ má ṣe ju 15 lọ nínú ìrìn kan. Kí àwọn kékeré lọ ní ìrìn kejì ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì kọ́kọ́ padà ní ìrọ̀lẹ́.

3. Kí ó mú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ wá kí a wò ó, pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí ọkọ̀, kí ó dá owó ọjọ́ náà padà.

4. Kí a máa san owó ní ìparí oṣù, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí a wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Bí ọkọ̀ kìíní ṣe wà báyìí, a kò lè sọ pé kí ẹ kó ọmọ sínú rẹ̀.

Ìwé tí a fi kọ ìbéèrè àti ìdáhùn wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó lè wá.

Àwa mẹ́ta tí ẹ rán, a fọwọ́ sí i.

Ohun tí ó mú lẹ́tà yìí dúró

Ẹ̀yin ará wa, ẹ padà wo lẹ́tà náà. Ìmọ̀ràn ni ó kọ́kọ́ sọ, kí ẹni tí ó ní iṣẹ́ lóko lè tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí etí gbọ́. Ó sọ àléébù ẹni tí ó yàn, nítorí bí kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ ní ìpàdé, gbogbo lẹ́tà yóò sì di irọ́ lójú àwọn ènìyàn. Kò bú ọlọ́kọ̀ kìíní. Kò pè é ní olè tàbí oníwọra. Nọ́ńbà táyà àti iye ọmọ ni ó kọ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń ṣiyèméjì lè lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó kà á fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n tó kọ ọ́, ìyá tí ń ta gàrí ti bèèrè ohun kan lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù. Ó ní: "Ǹjẹ́ ọ̀kan nínú wa bá ọlọ́kọ̀ kankan tan?" Kò sí. Bí ó bá wà, ẹni náà ì bá yẹ̀ kúrò, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi pamọ́ nípa ẹbí, ọjọ́ kan ni yóò jáde.

Lẹ́yìn tí a bá ti yan ọkọ̀

Ẹgbẹ́ lè gba ìmọ̀ràn, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Agbára wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yan ọlọ́kọ̀, ọkọ̀ tí ó dára lóṣù kìíní lè yí padà lóṣù kẹta. Ọmọ 15 á di 17, 17 á di 20, nítorí òbí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ ọlọ́kọ̀ pé kí ó bá òun fi ọmọ tòun kún un. Obìnrin tí ń ka ọmọ á ṣàìsàn, kò ní sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ̀ kò le. Kí òbí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, dúró ní ẹnu ọ̀nà kólẹ́jì, kí ó sì ka àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ àti iye wọn sínú ìwé kékeré kan. Kí ó kọ bóyá obìnrin náà wà níbẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ kò wá. Nígbà tí oṣù bá parí, tí ọlọ́kọ̀ sì wá gba owó, ìwé kékeré yìí ni a ó kọ́kọ́ ṣí. Nítorí èyí ni ohun kẹrin nínú àdéhùn ṣe sọ pé ìparí oṣù ni kí a máa sanwó.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́

1. Ẹ rí nọ́ńbà 0914 lára táyà kan. Ọ̀sẹ̀ wo àti ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Ǹjẹ́ ó lè gbé ọmọ?

2. Ọlọ́kọ̀ kan ń gba 5.000 fàránkì lóṣù fún oṣù 10, ẹlòmíràn ń gba 5.500 fún oṣù 9. Ta ni owó rẹ̀ kéré lọ́dún?

3. Nínú lẹ́tà tí a kà, kí ni àwọn mẹ́ta náà gbọ́ tí wọn kò fi ojú rí? Kí ni wọ́n ṣe nípa rẹ̀?

4. Ẹ yan ọkọ̀ kan tí ó ń dúró ní ọjà yín. Ẹ ka ìjókòó rẹ̀ àti èrò inú rẹ̀. Ẹ kọ ìlà mẹ́rin nípa ohun tí ẹ rí.

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí kíláàsì. Ó dìgbà kan ná o.